Oṣù mẹ́jọ tó kù: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ oníṣirò owó kan tí iṣẹ́ dọ́là pè

Oníṣirò owó ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ wá bá mi, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́rin nílé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn wo ìwé iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà tàbí èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi sílẹ̀. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Mo sì ti ṣírò gbogbo owó oṣù rẹ̀ sí dọ́là, iye tí dọ́là ń lọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síwájú mi ni mo sì lò, kí á lè fi owó méjèèjì wé ara wọn. Ẹ rántí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà.

Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ gbà á láti máa báwọn ṣe ìwé owó láti ilé rẹ̀. $15 ni wọ́n fẹ́ máa san fún wákàtí kan, wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tí a bá kó o jọ fún ọdún kan, $31,200 ni. Níbi tó wà, $900 ló ń gbà lóṣù, ìyẹn $10,800 lọ́dún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ó ti tẹ ìwé tí yóò fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi hàn mí. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá béèrè bóyá kí n lọ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìwé wọn kí n tó fọwọ́ sí i."

Mo ní kó fún mi ní ìwé méjèèjì, ti Amẹ́ríkà àti èyí tó fọwọ́ sí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó ya á lẹ́nu pé mo béèrè èkejì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a kó tó rí i nísàlẹ̀ àpótí kan.

Ìwé Amẹ́ríkà ni mo kọ́kọ́ kà. Láti orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, alágbàṣe ni wọ́n pè é, kò síbi tí wọ́n ti pè é ní òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló bí gbogbo ohun tó kù. Wákàtí tí alágbàṣe bá ṣe ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Bó bá sinmi, owó dúró. Bó bá ṣàìsàn, owó dúró. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ló lè já àdéhùn náà pẹ̀lú nótíìsì ọjọ́ méje, kò sì ní láti sọ ìdí. Òun náà ni yóò máa kọ íńfọ́ìsì ránṣẹ́ níparí oṣù, ilé iṣẹ́ náà yóò sì san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Mo dúró lórí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, nítorí gbogbo èèyàn ló máa ń kọjá lára rẹ̀. Mo bi í pé, "Tí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ wo lo máa fojú rí owó?" Ó ní, "Ìparí oṣù." Rárá o. Ìparí oṣù ni íńfọ́ìsì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ yóò tún kọjá, báńkì yóò sì tún fi ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún gbé e dé. Ọjọ́ karùnlélọ́gọ́ta ni, bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ. Ó sì ní ọmọ méjì nílé ìwé. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbé ilé rẹ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà la ṣe ìṣirò, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí $31,200. Ilé iṣẹ́ tó wà ń san owó ogún ọjọ́ ìsinmi fún un lọ́dún, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́wàá tí ìjọba fi ń tilẹ̀kùn iṣẹ́. Mo fi ọjọ́ márùn-ún àìsàn kún un, nítorí abiyamọ ni. Ọjọ́ márùndínlógójì, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, $4,200 ni yóò lọ níbẹ̀, ó sì ku $27,000. Báńkì tó rán owó yóò yọ tirẹ̀, èyí tó gbà á yóò yọ, ẹni tó ṣẹ́ dọ́là fún un náà kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Kọ̀ǹpútà, íńtánẹ́ẹ̀tì méjì kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá já, àti iná, mo fi $1,500 sí i. Ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo èyí jẹ́ $24,690.

Ní apá kejì, owó oṣù nìkan kọ́ ni $10,800 yẹn. Ilé iṣẹ́ ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú pẹ́ńṣàn rẹ̀, wọ́n ń san owó oṣù kẹtàlá níparí ọdún, wọ́n sì ń san ìbánigbófò ìlera fún òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú ìbánigbófò bẹ́ẹ̀, $1,600 ni lọ́dún. Mo kó o jọ, ó di $14,380. Ìlọ́po mẹ́ta ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po kan àti méje nínú mẹ́wàá. Owó gidi ṣì ni, mi ò sì sọ pé kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yóò ṣàkíyèsí pé mi ò tíì mẹ́nu kan owó orí. Iyekíye tó bá jẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní in. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ń yọ ti òṣìṣẹ́ kó tó rí i, alágbàṣe ni yóò yọ ọ́ fúnra rẹ̀. A fẹnu kò pé yóò máa gbé ìdámárùn-ún owó kọ̀ọ̀kan sínú àkáǹtì mìíràn lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ẹ̀rù fọ́ọ̀mù W-8BEN tí wọ́n fi ránṣẹ́ tún ń bà á, ẹnì kan ti sọ fún un pé tó bá fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà yóò máa gé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ohun tó ń fi fọ́ọ̀mù náà sọ ni pé òun kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, àti nítorí pé ìlú tirẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà, owó iṣẹ́ yẹn kì í ṣe èyí tí Amẹ́ríkà ń gba owó orí lórí rẹ̀. Ìjọba ìlú tirẹ̀ ló ni owó orí náà. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún ń lò títí di ìparí ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tí èèyàn fọwọ́ sí i, ìgbà náà ni yóò kọ òmíràn.

Ìwé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ohun méjì ni mo rí nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni pé ẹni tó bá jẹ gbèsè ilé iṣẹ́ yóò san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tó bá kúrò, òun sì ṣì jẹ $3,000 nínú owó tó yá kọ́lé. Èkejì ni gírátúítì: ẹni tó bá pé ọdún mẹ́wàá yóò gba owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò. Ẹni tí kò bá pé e kò ní gba kọ́bọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló kù fún un. Owó oṣù mẹ́wàá, $9,000.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi tí mò ń bá wọn ṣírò gírátúítì àwọn ẹlòmíràn."

Ìṣirò tó kàn rọrùn. Tó bá lọ lójú ẹsẹ̀, yóò fi nǹkan bí $860 lóṣù ṣáájú ohun tó ń gbà, ìyẹn nǹkan bí $6,900 láàárín oṣù mẹ́jọ. Yóò sì pàdánù $9,000. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó dúró. Ó bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n dúró de òun fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n ní àwọn kò lè ṣe é. Ohun tó gba gbogbo rẹ̀ là ni ìbéèrè kejì: ṣé wọ́n lè fún un ní wákàtí díẹ̀ nírọ̀lẹ́ títí ìgbà náà? Wọ́n gbà, wákàtí 15 lọ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ọ̀sán tiwọn, nítorí náà kò ni wọ́n lára.

Ibi tí a ti ṣàìgbọ́ra-ẹni-yé nìyí. Kò fẹ́ sọ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Mo ṣí ìwé rẹ̀ síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ mìíràn láìgba àṣẹ nínú ìwé, àti pé ẹni tí wọ́n bá lé nítorí ìwà àìtọ́ kò ní gírátúítì. Owó tó ń dúró dè gan-an ni yóò fi ta tẹ́tẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi bínú sí mi. Níkẹyìn, ó kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n fún un láṣẹ, bí kò bá ṣe fún ẹni tó ń bá wọn du ọjà kan náà, tí kò sì lo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Ìwé àṣẹ yẹn wúlò lóṣù kẹta, ju bí èmi alára ti rò lọ.

Ohun tí mo yẹ kí n ti rí tí mi ò rí ni pé oníṣirò owó níbikíbi láyé, ọjọ́ kan náà ni iṣẹ́ ń pa á: ìparí oṣù. Ilé iṣẹ́ ìlú fẹ́ kí ìwé òun pé lọ́jọ́ kẹrin oṣù, ti Amẹ́ríkà náà fẹ́ kó máa kọ ìnáwó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lóṣù kẹta, lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó wà níwájú kọ̀ǹpútà di agogo kan òru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kọ owó ọlọ́jà kan tó ń tajà fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, owó náà sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́jà náà dá a padà, ọpẹ́ ni fún un. Ṣùgbọ́n kúérì dé sórí tábìlì rẹ̀ ní ọ̀sán. Ká ní ó ń ṣe iṣẹ́ kejì lábẹ́lẹ̀ ni, kúérì náà ì bá ti béèrè ohun mìíràn. Nítorí pé wọ́n mọ̀, ìjókòó tí wọ́n pè é sí dá lórí bí yóò ṣe pín àkókò rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ìkọ̀wé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí òun máa fi ìwé báńkì wé ìwé tiwọn láti ọjọ́ karùn-ún lọ. Wọ́n gbà láìjanpata. Iṣẹ́ tó gbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù dín kù sí wákàtí mẹ́rin, kò sì tún ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Oṣù kẹrin ni àṣìṣe tèmi jáde. Owó ìlú ṣubú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdámẹ́rin iyì rẹ̀ sí dọ́là ti lọ. Ilé iṣẹ́ ń san iye kan náà, ṣùgbọ́n $900 di $675, $9,000 gírátúítì sì di $6,750. Ọkọ rẹ̀ pè mí lóru. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ sì lọ́wọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ò rò ó pé owó wa lè ṣubú ni?" Mi ò rò ó. Mo ti kọ owó ìlú sílẹ̀ ní dọ́là bí ẹni pé dọ́là ni wọ́n ń san. Ẹni tó ń dúró de gírátúítì ń fi owó ìlú pamọ́ fún oṣù mẹ́jọ láìgba èlé kankan, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí n ti sọ ọ́ fún un.

Mo jókòó, mo tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé ó ti lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrè rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ ì bá ti jẹ́ nǹkan bí $8,000, ó sì ju $6,750 lọ. Ìmọ̀ràn mi pé kó dúró ì bá ti jẹ́ àdánù ká ní ó dúró lásán. Wákàtí 15 ló gbà á sílẹ̀. Owó méjèèjì tó ń wọlé fún un ṣì ń sún mọ́ ohun tí iṣẹ́ dọ́là kíkún yóò kù sí i lọ́wọ́, nítorí náà àǹfààní lílọ lóṣù kẹrin kò tó $2,000, àdánù rẹ̀ sì jẹ́ $6,750. A wá ṣe ohun tó yẹ kí a ti ṣe níbẹ̀rẹ̀: a wá ààlà. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí owó ìlú bá ṣubú dé ìdámẹ́ta ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kó lọ lọ́jọ́ kejì láìbi ẹnikẹ́ni. A kọ iye náà sára ògiri ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí oṣù bá ṣe ń dín kù, ààlà náà ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí owó tí yóò pàdánù nípa dídúró ń kéré sí i. Owó ìlú kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òǹkà yẹn ti wà lára ògiri ni òun ti ń sùn.

Ohun kan wà tó ṣe fúnra rẹ̀, tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà náà. Ọmọ rẹ̀ kékeré ní ikọ́ fée. Nígbà tó lọ béèrè ìbánigbófò tí èèyàn ń rà fúnra rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé àìsàn tó ti wà lára ọmọ tẹ́lẹ̀ yóò dúró fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó máa san owó rẹ̀. Ó ra ti ọmọ náà nìkan lóṣù kejì, nígbà tí ti ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́fà yẹn parí ní bí ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ṣe ń pé gan-an. Ká ní ó kọ́kọ́ kúrò níbi iṣẹ́ ni, ọmọ náà ì bá ti wà fún oṣù mẹ́fà láìní ìbòrí fún àìsàn tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn jù.

Lóṣù keje ló bá Amẹ́ríkà dúnàádúrà. Ọwọ́ rẹ̀ ti le nígbà náà, torí wọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ti mọ̀ pé wọ́n ń sanwó. Nínú gbogbo íńfọ́ìsì tó ti fi ránṣẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló pẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá sì ni. Ó béèrè ohun mẹ́ta: nótíìsì ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n máa sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti ìsinmi tí wọ́n ń san owó rẹ̀. Wọ́n fún un ní méjì àkọ́kọ́. Dípò ìkẹta, wọ́n sọ wákàtí di $16. Ó gbà á. Ohun tó ju èyí lọ, ó ti fi owó wákàtí 15 san ohun tó kù nínú gbèsè ilé, ó sì ti kó owó ìnáwó oṣù márùn-ún jọ ní dọ́là. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó pé ọdún mẹ́wàá ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gírátúítì rẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Oṣù mẹ́rìnlá ló ṣe é kí lẹ́tà tó dé pé ilé iṣẹ́ náà ń gbé iṣẹ́ ìwé owó wọn fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì san gbogbo wákàtí rẹ̀ pé. Ó fi ọ̀sẹ̀ méje wá iṣẹ́ mìíràn, ó sì rí i. Ó ṣì jẹ́ alágbàṣe dòní.

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ yìí, ìwé tí mo fi ń gba àlàyé lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ti yí padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ yóò wọlé, kí n tó béèrè iye rẹ̀. Mo ń gba ìwé iṣẹ́ àtijọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó, mi ò sì ń gba kí ẹni náà sọ ọ́ lórí. Mo fi òpó kan kún ìṣirò mi fún owó ìlú tó bá ṣubú ní ìdámẹ́rin àti ní ìdajì, mo sì ń kọ ààlà sílẹ̀ kí ẹni náà tó jáde. Mo mọ̀ pé wákàtí díẹ̀ nírọ̀lẹ́ kì í ṣeé ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ pé dandan ni kó wà lórí ìlà nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá jí títí wọn yóò fi sùn, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò gba iṣẹ́ kejì láéláé, yóò yan ọ̀kan ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò ní ọ̀nà àbáyọ mìíràn ju kó mọ iye tí yóò san fún èyí tó bá yàn.

Ó wá kí mi lóṣù tó kọjá pẹ̀lú ìwé ìṣirò rẹ̀, nítorí ó ṣì máa ń fẹ́ kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo rẹ̀ mọ́ bí ìwé oníṣirò. Ìdámárùn-ún owó orí wà níbẹ̀, ìbánigbófò wà níbẹ̀, owó oṣù mẹ́fà wà nípamọ́. Òpó pẹ́ńṣàn, tí ilé iṣẹ́ máa ń bá a yọ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣófo láti oṣù tó ti kúrò níbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oṣù tó ń bọ̀ ni òun yóò bẹ̀rẹ̀.